Bọ́kísà 100 ni àbí síkútà? Láti Iláje Bàríga dé Oyìngbò lójoojúmọ́

TemiIlaje

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Owó màrúwá àti dánfó ti sú mi, mo fẹ́ ra nǹkan tí màá máa gùn lọ síbi iṣẹ́ fúnra mi. Iláje ní Bàríga ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀bù wa wà ní Oyìngbò, mò ń gba Jagunmólú jáde sí Akọka, kí n tó gba Abúlé-Ọjà lọ sí Yábà, títí màá fi já sí Èbúté Mẹ́ta. Aṣọ ni mò ń rán, ìró àti síkẹ́ẹ̀tì ni mo sábà máa ń wọ̀, báàgì aṣọ oníbàárà á sì máa wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ kẹ̀kẹ́ ológeere gùn dáadáa ṣùgbọ́n mi ò tíì tẹ jíà rí láyé mi. Méjì ni mo ti rí, Bọ́kísà 100 tuntun kan àti síkútà Họ́ńdà tòkunbọ̀ kan, owó wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ẹ ṣáà mọ títì àdúgbò wa, kòtò, búréékà, omi. Èwo ni kí n rà?

WasiuGbera

Bọ́kísà ni jàre, kí lẹ tún ń bèèrè. Mo fi gbé èrò kí wọ́n tó lé wa kúrò nílẹ̀, kò sí kòtò kan láàrin Bàríga sí Ṣómólú tí mi ò mọ̀ lórúkọ, Bọ́kísà á wọ ibẹ̀ á sì jáde. Síkútà, tàwọn ará Ìkòyí nìyẹn, táyà bíńtín, bó bá ti bá kòtò pàdé ó ti gbé ẹ ṣubú. Kò sì lè wọ omi rárá, bí omi bá ṣe kàn án báyìí ó ti kú nìyẹn. Tó bá jẹ́ dandan ni pé síkútà lo máa rà, máa yọ atẹ́gùn táyà ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, táyà á rọ̀, kò ní máa gbọ̀n ẹ́ jìgìjìgì.

AlhajaSabo

Wàsíù, ẹ̀yin ọkùnrin ẹ máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo ayé ló ń wọ ṣòkòtò. Témi ọmọ mi, síkútà ni mò ń gùn láti Sábó lọ sí Èbúté Mẹ́ta, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Mo wọ ìró mi, mo jókòó, mo kó ẹsẹ̀ méjèèjì jọ síwájú lórí pẹpẹ ẹ̀, mi ò la ẹsẹ̀ kankan. Báàgì mi wà láàrin ẹsẹ̀ mi, pọ́ọ̀sì mi wà lábẹ́ ìjókòó tí mo tì pa. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ò tó mi lára torí pátákó iwájú ẹ̀ bo ẹsẹ̀ mi, àwọn tó ń gun màṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti rin gbindin dé orúnkún. Tí hólùúdọ́ọ̀pù bá sì dé ní Jíbówù tàbí Adékúnlé, mo kàn ń yí ọwọ́ ọ̀tún, mo ń tẹ búrèkì, ó parí, kò sí kílọ́ọ̀ṣì tó máa ro mí lọ́wọ́ òsì.

Òótọ́ ni pé ó máa ń gbá mi nídìí lójú kòtò o, mi ò ní purọ́. Mo ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn.

BabaMeka_Shomolu

Ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ mẹkáníìkì màṣíìnì ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, síkútà náà sì máa ń wá sọ́dọ̀ mi, torí náà mi ò gbè sẹ́yìn èyíkéyìí.

Témi àbúrò mi, má ì tíì wo orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹ̀, táyà ni kó o kọ́kọ́ wò. Wàsíù sún mọ́ òótọ́ níbẹ̀ ṣùgbọ́n ó fi ẹnu gbá gbogbo síkútà pọ̀. Lára táyà, wàá rí nọ́ńbà bíi 2.75-17 tàbí 90/100-10, èyí tó kẹ́yìn yẹn ni bí ríìmù ṣe tóbi sí. Bọ́kísà 17 ni. Síkútà Họ́ńdà kéékèèké tó pọ̀ jù nínú tòkunbọ̀, 10 ni. Tó o bá fi téèpù wọn táyà méjèèjì láti ilẹ̀ dé òkè, 17 yẹn á tó sẹ̀ǹtímítà 57, 10 yẹn á wà ní bíi 43.

Ó dáa, jẹ́ ká mú kòtò kan, irú èyí tí omi gbẹ́ sójú títì tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Táyà ńlá ò ní rì síbẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 4 lé díẹ̀ kí iwájú ẹ̀ tó kan etí kejì. Táyà kékeré á rì tó 6. Ìyẹn ṣì kéré. Tí kòtò yẹn bá wá fẹ̀ tó 40, tó sì jìn dáadáa, táyà ńlá á rì bíi 8, táyà kékeré á rì bíi 13, ó sì ku díẹ̀ kó já wọlé pátápátá. Tí kòtò bá fẹ̀ ju 43 lọ tí kò sì tó 57, síkútà á ti bọ́ sínú ẹ̀ pátápátá, táyà Bọ́kísà ṣì ń gun orí ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé síkútà ò ní agbára, ibi tí etí kòtò ti máa kan táyà ló yàtọ̀. Èyí tó rì jù, etí kòtò á kàn án ga sókè níwájú, á wá dà bí ìgbà tó kọlu ògiri dípò kó gùn ún. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń já sọ́nù mọ́ ẹni tó ń gùn ún lọ́wọ́.

Ti ẹ̀yìn tún wà níbẹ̀. Bọ́kísà, wọ́n de ẹ́ńjìn ẹ̀ mọ́ irin ara ẹ̀, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń lọ sókè sódò. Síkútà, ẹ́ńjìn àti táyà ẹ̀yìn jẹ́ nǹkan kan náà, bí táyà bá fò, ẹ́ńjìn á bá a fò. Ẹrù tí ṣọ́ọ̀kì máa gbé pọ̀, kò sì ní lè tètè dá táyà padà sílẹ̀. Ohun tó ń gbá Àlájà nídìí nìyẹn, bí wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ó kàn máa dín kù ni.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ atẹ́gùn táyà o. Màá padà wá sórí ìyẹn, oníbàárà kan ń pè mí.

Egbon_Fesipa

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ máa pariwo síkútà síkútà. Fẹ́sípà ni bàbá mi gùn láti Mushin lọ sí Apapa, tíṣà sì ni wọ́n, gbogbo tíṣà àti kíláàkì ló ń gun Fẹ́sípà nígbà yẹn. Táyà ẹ̀ 10 náà ni o, ó sì gba ojú ọ̀nà tó burú ju èyí lọ. Ó tún ní táyà ìpààrọ̀ lára, tó bá gba pọ́ńṣà o kàn máa fi sípánà tú nọ́ọ̀tì, o ti gbé òmíràn sí i, kò sí pé à ń wá fọganáísà kiri. Ríìmù ẹ̀ méjì ni wọ́n fi bóòtù dè pọ̀, o lè tú u kó o pààrọ̀ túùbù fúnra ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Témi, wá Fẹ́sípà rà, kó o fi ọ́ìlì sí epo ẹ̀ kó o máa lọ. Tèmi ṣì wà nínú gáréèjì, ó ń wá ẹni tó máa gbé e.

TemiIlaje

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n Fẹ́sípà yẹn ní jíà ní ọwọ́ òsì àbí? Jíà gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bàbá Mẹ́kà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ padà wá, ọ̀rọ̀ kòtò yẹn ti yé mi. Omi ńkọ́? Iláje sún mọ́ ọ̀sà, tí òjò bá rọ̀ omi máa ń dúró lójú ọ̀nà wa fúngbà pípẹ́.

WasiuGbera

Mo ti sọ ti omi ṣebí. Síkútà kò wọ omi. Tèmi nìyẹn.

BabaMeka_Shomolu

Mo ti dé. Wàsíù, ó ń wọ omi, kì í kàn ṣe gbogbo omi.

Síkútà ò ní ṣéènì, bẹ́líìtì rọ́bà ló ní nínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì ẹ́ńjìn, bẹ́líìtì yẹn ló ń gbé agbára dé táyà ẹ̀yìn. Torí pé ó máa ń gbóná, ihò kan wà tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti fi tù ú. Ojú ibẹ̀ ni omi ń bá wọlé tí omi bá ga tó. Bẹ́líìtì tó bá tutù á máa yọ̀. Bó o ṣe máa mọ̀ ni pé wàá yí ọwọ́, ẹ́ńjìn á ké tòò, ṣùgbọ́n síkútà ò ní lọ, tàbí kó máa lọ wọ́rọ́wọ́rọ́. Ẹ́ńjìn ò kú o, èèyàn á kàn rò pé ó ti bàjẹ́. Tó bá ṣẹlẹ̀, má fi agbára yí ọwọ́, ṣe lò ń jó bẹ́líìtì yẹn. Jáde kúrò nínú omi, dúró, tí kò bá gbẹ fúnra ẹ̀ kó o jẹ́ kí mẹkáníìkì ṣí ìdérí ẹ̀ kó nù ún gbẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ọ́ìlì tàbí gíríìsì pa bẹ́líìtì, gba sípánà lọ́wọ́ ẹ̀.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ́ìlì díẹ̀ kan wà nínú jíà kékeré tó wà nídìí táyà ẹ̀yìn síkútà, òun àti ọ́ìlì ẹ́ńjìn ò jọ dà pọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Tí omi bá ń wọ ibẹ̀, ọ́ìlì yẹn á funfun bíi mílíìkì. Tí wọn ò bá tètè dà á nù kí wọ́n rọ òmíràn, bẹ́árìn ibẹ̀ á jẹ, wàá máa gbọ́ ariwo húnnn láti ẹ̀yìn bó o bá ti ń sáré.

Bọ́kísà náà ní ti ẹ̀. Omi lè wọ orí púlọ́ọ̀gì kó máa gé iná, omi lè gba fítà wọlé tó bá ga dé abẹ́ ìjókòó, ìyẹn ló ń ba ẹ́ńjìn jẹ́ pátápátá. Ṣéènì á wẹ̀ mọ́ kúrò nínú ọ́ìlì, yanrìn á dúró síbẹ̀, yanrìn yẹn ló ń jẹ eyín sípúrókẹ́ẹ̀tì. Ìyàtọ̀ ni pé nínú omi tó dé ibi ìdajì táyà síkútà, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 20, síkútà ti wà nínú ewu, Bọ́kísà ṣì ń rìn ín. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé tí omi bá ti bo pẹpẹ tí ẹsẹ̀ wà, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n pa iná, kí wọ́n tì í.

Méjèèjì, bó o bá jáde nínú omi, tẹ búrèkì fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bó o ṣe ń lọ kó lè gbẹ, torí búrèkì tó tutù kì í mú.

Ti atẹ́gùn wàyí. Wàsíù, táyà ńlá tó ní atẹ́gùn díẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀ lóòótọ́. Táyà 10 kò ní rọ́bà tó pọ̀ láàrin ríìmù àti etí kòtò. Tó o bá yọ atẹ́gùn ẹ̀, ríìmù gan-an ló máa gba ìyà yẹn, á tẹ̀. Ríìmù irin tó tẹ̀ a lè fi òòlù nà án, ti àlọ́ọ̀yì máa ń sán ni. Iye atẹ́gùn wà nínú ìwé ẹ̀ tàbí lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ti iwájú máa ń kéré ju ti ẹ̀yìn. Síkútà tí mo bá rí, iwájú máa ń wà láàrin 22 sí 25. Àwọn fọganáísà wa kì í bèèrè, wọ́n á rọ ọ́ dé 40 bíi ti mọ́tò, táyà á wá le bí òkúta. Lọ ra géèjì kékeré tìẹ.

KunleAdmiralty

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ti gbàgbé òfin. Èmi ń gbé ní Lẹ́kì, ọ́fíìsì mi wà ní Yábà, mo fẹ́ ra síkútà láti máa gba Afárá Tádì Méńlándì kọjá, ẹnì kan ní kí n má dán an wò. Ṣé lóòótọ́ ni?

BabaMeka_Shomolu

Má dán an wò. Òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012 ti lé màṣíìnì kéékèèké kúrò lójú títì márosẹ̀ àtàwọn afárá ńlá, ojú títì tó wà nínú ìwé òfin yẹn lé ní 400. Àwọn tó ń fi màṣíìnì gbé ẹrù kiri tí ẹ́ńjìn wọn tó 200 sókè ni wọ́n yọ sílẹ̀. Síkútà 110 tàbí 125 ò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tìẹ yàtọ̀ sí ti Témi, àbúrò, ṣí ìbéèrè tìẹ sọ́tọ̀.

KunleAdmiralty

Ó kan Témi náà o. Ní 1 oṣù Òkúdù 2022 wọ́n fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Mainland wà níbẹ̀, pẹ̀lú Erékùṣù Èkó, Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè àti Apapa. Nígbà tó di 1 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún yẹn kan náà, wọ́n fi Kòsọ̀fẹ́, Oshòdì-Isọlọ̀, Ṣómólú àti Mushin kún un. Bàríga wà nínú Ṣómólú, Oyìngbò wà nínú Mainland. Kò sí ibi kankan lójú ọ̀nà ẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

TemiIlaje

Háà! Mi ò gbé èrò o, èmi nìkan ni. Ṣé wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ mi ni?

AlhajaSabo

Ọ̀kadà tó ń gbé èrò ni wọ́n torí ẹ̀ ṣòfin yẹn, kì í ṣe tìẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lójú ọ̀nà kò mọ̀ pé ìwọ ò gbé èrò. Èmi, wọ́n ti dá mi dúró rí, wọ́n wo nọ́ńbà mi, wọ́n wo láísẹ́ǹsì mi, wọ́n ní kí n máa lọ. Láísẹ́ǹsì ti màṣíìnì, Kíláàsì A ni, ti mọ́tò ò bo màṣíìnì mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀yẹn. Jẹ́ kí nọ́ńbà ẹ wà lára ẹ̀ kó tó kúrò nílé ẹni tó tà á fún ẹ, kó o máa dé akoto. Síkútà tún dáa lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí kò sẹ́ni tó ń fi síkútà gbé èrò, wọ́n rí ẹ wọ́n ti mọ̀ pé tara ẹ ni.

WasiuGbera

Àlájà, ẹ má tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Wọ́n gba síkútà ẹnì kan ládùúgbò wa, ọ̀dọ̀ wọn ló ṣì wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó nǹkan, gbogbo ohun tó bá ní táyà méjì ni wọ́n ń kó.

AlhajaSabo

Ṣé ó ní pépà?

WasiuGbera

Mi ò bi í.

AyinkeOnike

Ẹ dákun, mo ń ka gbogbo ẹ̀ bọ̀, kò tíì sẹ́ni tó sọ ti ìró àti ṣéènì. Lórí Bọ́kísà obìnrin tó bá wọ ìró ní láti la ẹsẹ̀, tí kò bá sì la ẹsẹ̀, ẹ̀yìn ló máa jókòó sí bí èrò. Mo ti rí ibi tí ṣéènì ti fa aṣọ obìnrin kan ní Onike, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Témi, tó o bá máa ra Bọ́kísà, jẹ́ kí ìdérí ṣéènì ẹ̀ bo ṣéènì tán, kó o sì máa wọ ṣòkòtò sábẹ́, o lè pààrọ̀ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù.

TemiIlaje

Àǹtí Àyìnkẹ́ ẹ ṣé. Mo lọ wo síkútà yẹn lónìí. Ó wuni lójú, àwọ̀ ẹ̀ pupa. Lára táyà ẹ̀ mo rí 90/100-10 níwájú lẹ́yìn. Ẹni tó ń tà á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Kùtọnu, kò tíì rìn ní Nàìjíríà. Kí ni mo tún máa wò kí n tó sanwó?

BabaMeka_Shomolu

Má sanwó tíì. Ní kí wọ́n fi sitáǹdì àárín gbé e dúró, kí ẹnì kan tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́lẹ̀ kí táyà iwájú lè kúrò nílẹ̀, kó o fi ọwọ́ yí i. Jókòó sílẹ̀ kó o wo etí ríìmù bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin fọ́ọ̀kì, àlàfo àárín wọn kò gbọdọ̀ máa fẹ̀ kó tún máa dín. Tó bá ń jó, ó ti bọ́ sí kòtò ibòmíì rí. Ṣe ti ẹ̀yìn náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà di táyà mú lókè nílẹ̀, mì í sí ọ̀tún sí òsì, kò gbọdọ̀ dún kóko.

Wo ọ̀pá fọ́ọ̀kì níwájú, tí ọ́ìlì bá ti rin ín, síìlì ẹ̀ ti já. Wo abẹ́ ẹ̀, sitáǹdì àárín yẹn gan-an, tó bá ti họ yánnayànna, orí búréékà ló ti ń wọ́. Àwọn búréékà sìmẹ́ǹtì tí wọ́n dà sáwọn àdúgbò wa ga ju abẹ́ síkútà lọ nígbà míì, gbọ̀ọ́rọ̀ lo máa ń gbọ́.

Sọ fún wọn pé kí wọ́n má tan iná kó o tó dé, ẹ́ńjìn tútù lo fẹ́. Tó bá ti gbóná kó o tó dé, wọ́n ti bá a jìyà kí wọ́n tó pè ẹ́. Bó o bá ti tan án, rọra yí ọwọ́ láti ibi tó dúró. Tó bá ń gbọ̀n bó ṣe ń gbéra, tàbí tó ń ké kó tó lọ, bẹ́líìtì tàbí kílọ́ọ̀ṣì inú ẹ̀ ti ń lọ. Ìyẹn a lè pààrọ̀, a kàn máa já owó ẹ̀ kúrò ni. Èyí tí a ò ní gbà ni ọ́ìlì nídìí táyà ẹ̀yìn. Ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì kékeré yẹn kí díẹ̀ jáde sórí bébà funfun.

Tí wọ́n bá kọ̀ láti tú u, o ti rí èsì.

TemiIlaje

Mo ti padà láti ibẹ̀. Ríìmù iwájú ń jó díẹ̀. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì yẹn, wọ́n sì ń bínú sí mi. Ó funfun, kò tiẹ̀ jọ ọ́ìlì mọ́. Ọkùnrin yẹn ní ọ́ìlì tuntun ni, pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

BabaMeka_Shomolu

Fi í sílẹ̀ fún un. Omi ló wọ̀ ọ́, kò sí ọ́ìlì jíà tuntun tó rí báyẹn.

Egbon_Fesipa

Tèmi kò ní omi nínú ọ́ìlì o.

AlhajaSabo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn! Témi, Bàbá Mẹ́kà ti sọ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ pé kì í ṣe gbogbo síkútà ló jẹ́ 10. Tèmi, iwájú ẹ̀ 12 ni, ẹ̀yìn 10. Họ́ńdà Líìdì ni orúkọ ẹ̀. Mo ti gun ti àbúrò mi tó jẹ́ 10 níwájú lẹ́yìn, ìyàtọ̀ ẹ̀ hàn lójú kòtò, ọwọ́ mi dúró.

BabaMeka_Shomolu

Òótọ́ ni Àlájà sọ. 12 yẹn, láti ilẹ̀ dé òkè bíi sẹ̀ǹtímítà 47 ni. Kò tó Bọ́kísà, ṣùgbọ́n iwájú ló ń gbé èèyàn ṣubú, iwájú ni mo sì fẹ́ kó tóbi. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ 14 tàbí 16 níwájú, ìyẹn tiẹ̀ ti sún mọ́ màṣíìnì gan-an, ìjókòó wọn kàn máa ń ga, owó wọn náà sì máa ń ga. Ní ti ojú ọ̀nà ẹ, ibi tó burú ni Iláje sí Jagunmólú, ìyẹn ò pọ̀ nínú gbogbo ìrìn ẹ. Láti Akọka dé Yábà dé Èbúté Mẹ́ta, hólùúdọ́ọ̀pù ló máa dà ẹ́ láàmú níbẹ̀ ju kòtò lọ, síkútà sì ni ọ̀gá nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé inú Àjẹ́gúnlẹ̀ sí Amúkókò lò ń gbé tó o sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Bọ́kísà ni ǹ bá ní kó o rà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kó o mọ̀ pé síkútà á ná ẹ ju Bọ́kísà lọ lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Pátì Bọ́kísà wà ní gbogbo kọ̀ọ̀rọ̀, ọmọ kékeré tó ń kọ́ṣẹ́ lè tún ṣéènì ṣe. Kó o fi ìka gbé e ní àárín, kó máa rìn bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, o fún un lọ́ìlì, ó parí. Bẹ́líìtì síkútà ní láti bá orúkọ àti ọdún ẹ̀ mu gẹ́lẹ́, a máa ń wá a kiri nígbà míì. Ọ̀pọ̀ ìwé Họ́ńdà ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ní bíi kìlómítà 24,000, ṣùgbọ́n pẹ̀lú eruku wa àti gbéra-dúró gbéra-dúró, èmi máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣí i wò kó tó dé ìdajì ìyẹn. Ra bẹ́líìtì kan sílẹ̀ kó o fi pamọ́ sábẹ́ ìjókòó.

WasiuGbera

Ìdajì! Bọ́kísà mi ò ní irú wàhálà yẹn. Jíà tó ń bẹ̀rù yẹn, lọ́jọ́ kan péré ni màá kọ́ ọ, mo ti kọ́ àìmọye èèyàn. Ọjọ́ Sunday, pápá ilé ìwé kan wà nítòsí wa, kó mú àbúrò ẹ̀ kan dání tó bá ń bẹ̀rù mi.

TemiIlaje

Ẹ̀gbọ́n Wàsíù, màá wá. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀rù jíà ló jẹ́ kí n ra síkútà, mo fẹ́ gùn méjèèjì wò. Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá gun tiyín wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí n gbé e dé Jagunmólú kí n fi wọ kòtò?

AlhajaSabo

Wá. Ṣùgbọ́n èmi ni màá jókòó sẹ́yìn ẹ, a ò sì ní wọ kòtò kankan tí omi bo ojú ẹ̀.

AyinkeOnike

Báàgì aṣọ oníbàárà ńkọ́? Tó bá gbé e sórí irin ẹ̀yìn Bọ́kísà òjò á pa á.

BabaMeka_Shomolu

Kó fi ọ̀rá nípọn dì í, kó fi rọ́bà dè é mọ́ irin yẹn. Lórí síkútà, kó gbé e sórí pẹpẹ ẹsẹ̀, kó má gbé e kọ́ ọwọ́ ìdarí, nítorí báàgì tó bá ń fì síwá-sẹ́yìn níbẹ̀ ń fa ọwọ́ èèyàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, pàápàá lórí táyà kékeré. Bí ẹ bá gun ti Àlájà tán, kó o sọ fún mi bí ọwọ́ ẹ ṣe rí lórí búréékà àkọ́kọ́ ní Jagunmólú, èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dà. Tó bá wọ́ nílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yin méjèèjì lórí ẹ̀, kì í ṣe àìdáa síkútà nìyẹn o, èèyàn méjì ti tẹ ṣọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀. Jẹ́ kí Àlájà sọ̀ kalẹ̀ kó o tún un gùn.

WasiuGbera

Ní Sunday o, aago mẹ́jọ. Kó wọ ṣòkòtò wá.